Bí a ṣe ń fi ihò kan ṣoṣo wá ìwúwo móólù gáàsì tí a kò mọ̀

Ìbéèrè kan náà ló ń dé ọ̀dọ̀ mi ṣáá: "Mo jẹ́ kí gáàsì méjì jò gba ojú ihò kékeré, mo ka aago, mo fi òfin Graham ṣírò rẹ̀, síbẹ̀ èsì mi kò sún mọ́ ohun tó yẹ kó jẹ́. Níbo ni mo ti ṣì í?" Ẹni tó bá bi mí báyìí sábà máa ń fi ìṣirò rẹ̀ hàn mí, kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi máa ń ní kó kọ́kọ́ fi ihò rẹ̀ hàn mí ná. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ ni wàhálà wà.

## Ohun tí a fẹ́ ṣe

Gáàsì tó fúyẹ́ a máa yára jò, èyí tó wúwo a máa fà. Òfin Graham sọ bí ìyàtọ̀ náà ṣe tó: tí gáàsì kan bá fi ìlọ́po mẹ́rin wúwo ju èkejì lọ, ìdajì ìyára èkejì ni yóò fi jò. Ṣùgbọ́n àwa kì í wọn ìyára ní tààrà. Àkókò la máa ń kà, ìyẹn iye ìṣẹ́jú àáyá tí ìwọ̀n gáàsì kan náà fi jò tán. Ohun tó bá lọ́ra ni àkókò rẹ̀ máa ń gùn, nítorí náà bí gáàsì bá ṣe wúwo sí i ni àkókò ṣe máa gùn sí i:

```
M_x = M_r × (t_x / t_r)^2
```

`M_x` ni ìwúwo móólù tí a ń wá. `M_r` ni ti gáàsì tí a ti mọ̀, tí a fi ń ṣe òṣùwọ̀n. `t_x` àti `t_r` ni àkókò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lò.

Afẹ́fẹ́ lásán tí a ti gbẹ ni mo fẹ́ràn láti fi ṣe òṣùwọ̀n. Àdàlù ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú irú ohun èlò tí a fẹ́ lò yìí, bí àdàlù náà ṣe wúwo lápapọ̀ ló ṣe pàtàkì, iye rẹ̀ sì jẹ́ 28.97 gíráàmù fún móólù kan. Kò sẹ́ni tí yóò wá a tì.

## Ohun tí ẹ ó kó jọ

- Síríńjì onígíláàsì tó gba 100 mílílítà. Ẹ má lo oníke: ìdí ọ̀pá rẹ̀ tó jẹ́ ròbà máa ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, á dúró, á tún fò.
- Irin ìdúró pẹ̀lú ẹ̀mú tí yóò di síríńjì náà mú ní òró, ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ lókè.
- Òkúta ìwọ̀n tàbí irin 200 gíráàmù tí yóò jókòó sórí ọ̀pá náà.
- Kọ́ọ̀kì ọ̀nà mẹ́ta: ẹnu kan sí síríńjì, ọ̀kan sí àpò gáàsì, ọ̀kan sí ihò.
- Fọ́ìlì alumíníọ́ọ̀mù, abẹ́rẹ́ ìránṣọ tó tín-ín-rín jù lọ, àti gọ́ọ̀mù líle.
- Ọ̀pọ́n gíláàsì gbọọrọ tí a kó kálísíọ́ọ̀mù kúlóráìdì gbígbẹ sínú rẹ̀, láti fa omi kúrò lára gáàsì.
- Aago tó ń ka ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Ti fóònù tó.
- Kábọ́ọ̀nù dàyọ́sáìdì, `CO2`. Ẹ má fo eléyìí. Òun ni ẹlẹ́rìí wa.

## Ihò ni gbogbo rẹ̀

Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ nìyí.

1. Ẹ gé fọ́ìlì kékeré, ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sórí páálí líle.
2. Ẹ fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ náà kàn án ní òró, kó ṣáà ti lu. Ẹ má ti abẹ́rẹ́ náà wọlé. Ihò tí a ń wá fẹ̀ tó bí ìdá márùn-ún mílímítà kan.
3. Ẹ gbé e sójú iná, kí ẹ wò ó. Ìmọ́lẹ̀ tó bá yọ gbọ́dọ̀ rí róbótó. Tó bá rí bíi ìlà, ó ti ya. Ẹ jù ú nù, kí ẹ gbẹ́ òmíràn.
4. Ẹ lẹ fọ́ìlì náà bo ẹnu kẹta kọ́ọ̀kì, kí gọ́ọ̀mù má ṣe ṣàn dé ibi ihò. Ẹ jẹ́ kó gbẹ kanrin.

Kí ló dé tó fi jẹ́ fọ́ìlì? Nítorí pé fọ́ìlì fẹ́lẹ́. Ihò tó fẹ̀ ju bí ara fọ́ìlì ṣe nípọn lọ jẹ́ ojú ihò lóòótọ́: gáàsì á kọjá bí ẹni ń gba ẹnu ọ̀nà, kò ní ráyè fara ha ògiri. Àmọ́ tí ihò náà bá gùn, ó ti di paìpù nìyẹn. Nínú paìpù tóóró, bí gáàsì ṣe ń fara ha ògiri ló ń pinnu ìyára rẹ̀. A lè pe ìyẹn ní ìki gáàsì. Ìki ò sì bá ìwúwo rìn. Kábọ́ọ̀nù dàyọ́sáìdì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, síbẹ̀ kò ki tó o. Hílíọ́ọ̀mù fúyẹ́ bí nǹkan míì, síbẹ̀ ó ki ju afẹ́fẹ́ lọ díẹ̀. Nítorí náà, nínú paìpù gígùn, `CO2` á yára ju afẹ́fẹ́, hílíọ́ọ̀mù á sì lọ́ra jù ú lọ. Òfin Graham á wá dorí kodò.

Ojú ara mi ni mo fi rí i. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ọ̀lẹ ò jẹ́ kí n gbẹ́ ihò. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kan, èyí tó tín-ín-rín jù nínú àpótí, ni mo fi sẹ́nu síríńjì, mo ní ṣebí ihò kékeré náà ni. Afẹ́fẹ́ lo ìṣẹ́jú àáyá 234. `CO2` lo 193. Mo ṣírò rẹ̀, ó já sí 19.7, bẹ́ẹ̀ sì ni 44.01 ló yẹ kó jẹ́. Odidi ọ̀sán ni mo fi ń bú ẹni tó ta gáàsì náà fún mi, pé gáàsì ọ̀tọ̀ ló rọ sí i. Kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀, tí inú rẹ̀ kò fẹ̀ ju ìdá márùn-ún mílímítà lọ, paìpù pọ́ńbélé ni.

(Ẹni tó ti kàwé jinlẹ̀ lè sọ pé ihò wa yìí ṣì tóbi jù fún jíjò tí ìwé ń ṣàlàyé, níbi tí mólékù ti ń yọ jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láìkọlu ara wọn. Òótọ́ ni. Nínú afẹ́fẹ́ tó yí wa ká, mólékù kan kì í rin ju nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá mílímítà lọ kó tó kọlu òmíràn, ihò abẹ́rẹ́ sì fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ohun tó ń jáde níbí jẹ́ ìṣàn kékeré. Àmọ́ tí ìfúnpá tó ń tì í bá kéré, ìyára ìṣàn náà ń tẹ̀ lé ìwúwo gáàsì lọ́nà kan náà gan-an. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní irin 200 gíráàmù, kì í ṣe kílò márùn-ún.)

## Kíkó gáàsì sínú síríńjì

Ẹ ṣí fèrèsé. Gáàsì tó bá wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ a máa dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ kò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Kò gbọdọ̀ sí iná nítòsí àfi tó bá dá yín lójú pé gáàsì náà kì í jó. Tí ẹ bá sì ní ìfura pé ó lè jẹ́ olóró, ẹ má ṣe iṣẹ́ yìí lórí tábìlì rárá.

Ẹ má so sílíńdà mọ́ síríńjì ní tààrà láé. Ìfúnpá rẹ̀ lè ta ọ̀pá gíláàsì náà jáde bí ọta. Àpò ni kí ẹ kọ́kọ́ rọ ọ́ sí, kí àpò wá gba inú ọ̀pọ́n kálísíọ́ọ̀mù kúlóráìdì kó tó dé ibi kọ́ọ̀kì. Tó bá jẹ́ amóníà ni, ẹ yọ kálísíọ́ọ̀mù kúlóráìdì kúrò, torí ó máa ń gbé amóníà mì. Láìmù gbígbẹ, ìyẹn kálísíọ́ọ̀mù ọ́sáìdì, ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀.

Ẹ fa gáàsì náà kún síríńjì, kí ẹ tú u dànù sẹ́yìn fèrèsé, kí ẹ tún fa òmíràn. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó fa èyí tí ẹ ó lò. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, nítorí gáàsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú sílíńdà jáde máa ń tutù. Tó bá fi ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì mẹ́ta péré tutù ju iyàrá lọ, yóò ti fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún kún ìwúwo tí ẹ ó rí.

## Kíka àkókò

1. Ẹ dán jíjò wò ná. Ẹ fa afẹ́fẹ́ kún síríńjì, ẹ pa gbogbo ẹnu kọ́ọ̀kì, ẹ gbé irin lé ọ̀pá, ẹ jẹ́ kó jókòó ná, kí ẹ wá wò ó fún ìṣẹ́jú méjì. Tí ọ̀pá bá sọ̀ kalẹ̀ ju ìdajì mílílítà lọ, ibì kan ń jò tí kì í ṣe ihò yín.
2. Ẹ fa afẹ́fẹ́ gbígbẹ títí ọ̀pá yóò fi kọjá 90 mílílítà.
3. Ẹ gbé irin lé e. Ẹ fi ìka yí ọ̀pá náà díẹ̀ kó má baà há.
4. Ẹ ṣí kọ́ọ̀kì sí ihò. Ẹ má tíì tẹ aago.
5. Nígbà tí etí ọ̀pá bá kan 80, ẹ tẹ aago. Nígbà tó bá kan 20, ẹ dá a dúró. Ojú yín gbọ́dọ̀ wà ní ọgbọọgba pẹ̀lú àmì náà, kì í ṣe láti òkè tàbí ìsàlẹ̀.
6. Ẹ tún un ṣe títí ẹ ó fi ní mẹ́ta tàbí márùn-ún tí kò jìnnà síra.
7. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún `CO2`, lẹ́yìn náà fún gáàsì tí ẹ kò mọ̀.
8. Ẹ padà sórí afẹ́fẹ́, kí ẹ tún kà á lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ yẹn ni ọ̀pọ̀ ń fò. Eruku kan ṣoṣo tó bá kó sójú ihò láàárín iṣẹ́ ti yí gbogbo òǹkà tó kù padà, ẹ kò sì ní rí i lójú. Tí àkókò afẹ́fẹ́ ìkẹyìn bá gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ kedere, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fọ́ìlì tuntun.

## Ẹ jẹ́ ká ṣe ọ̀kan tán

Gáàsì tó wà nínú sílíńdà kékeré kan tí àkọlé rẹ̀ ti bó ni mo lò. Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé ibi tí wọ́n ti ń jó irin pọ̀ ló ti wá, pé kì í rùn, kì í sì í jó.

Afẹ́fẹ́ gbígbẹ: 41.6, 41.9, 41.5, 41.8, 41.7. Tí a bá pín in dọ́gba, ó jẹ́ 41.7.

`CO2`: 51.2, 51.5, 51.3. Ó jẹ́ 51.33.

Kí n tó fọwọ́ kan gáàsì tí mi ò mọ̀, mo bi ẹlẹ́rìí mi léèrè:

```
M(CO2) = 28.97 × (51.33 / 41.7)^2
       = 28.97 × 1.515
       = 43.9
```

Òótọ́ rẹ̀ jẹ́ 44.01. Ihò náà dára, ohun èlò náà ń sọ òótọ́. Ká ní ó fún mi ní 38 tàbí 30 ni, mi ò ní tẹ̀ síwájú. Fọ́ìlì ni mo máa pààrọ̀. Ẹni tí `CO2` rẹ̀ kò bá yege kò ní ìdí kankan láti gbà nọ́ńbà tó bá rí fún gáàsì mìíràn gbọ́.

Ó wá kan gáàsì àìmọ̀: 49.1, 48.8, 49.3. Ó jẹ́ 49.07.

```
M_x = 28.97 × (49.07 / 41.7)^2
    = 28.97 × 1.385
    = 40.1
```

Nígbà tí mo padà sórí afẹ́fẹ́, mo rí 41.8. Ihò kò dí.

Ágọ́ọ̀nù jẹ́ 39.95, ó sì wà lára gáàsì tí àwọn tó ń jó irin ń lò. Ó bára mu.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀gẹ̀ méjì hàn yín nínú òǹkà yìí kan náà. Tí mo bá gbàgbé láti sọ ìdá náà di ìlọ́po ara rẹ̀, 34.1 ni mo máa rí, èyí sì bá `H2S`, gáàsì tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, mu rẹ́gí. Tí mo bá sì yí ìdá náà po, tí mo fi àkókò afẹ́fẹ́ sókè, 20.9 ni, ẹnìkan á sì tètè sọ pé níọ́ọ̀nù ni. Àṣìṣe méjèèjì ló bí nọ́ńbà tó jọ òtítọ́. Ọ̀nà kan tí kì í tàn mí jẹ: kí n tó ṣírò rárá, mo máa ń wo aago. Ṣé gáàsì àìmọ̀ pẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ? Ó pẹ́. Èsì tó bá kéré sí 29 kò lè jẹ́ òótọ́ nígbà náà.

## Báwo ni ó ṣe dá wa lójú tó

Nítorí pé a ń sọ ìdá àkókò di ìlọ́po ara rẹ̀, ohunkóhun tí ẹ bá fi ṣì í á di ìlọ́po méjì. Òǹkà mi ń yà síra tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Lórí ìwúwo, ó ti di nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé gáàsì mi wà láàárín 39.3 sí 40.9. Ìyẹn tó láti yọ `CO2` kúrò. Kò tó láti mọ 40 yàtọ̀ sí 39.5. Ẹ má kọ 40.12 sílẹ̀ bí ẹni pé nọ́ńbà ìkẹyìn náà nítumọ̀.

## Ohun tó máa ń ba èsì jẹ́

Omi. Gáàsì tí a gbà lórí omi ní ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì 25 ní oòru omi nínú tó ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Lára `CO2`, kò le jù: 44.0 á di 43.2. Ṣùgbọ́n lára háídírójìn, tó jẹ́ 2.016, á di 2.5. Ìwọ̀nba omi kan náà ló fi ìdámẹ́rin kún un. Ìdí tí mo fi ń pariwo kálísíọ́ọ̀mù kúlóráìdì nìyẹn.

Afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́ kù. Òfin kan náà ló bá a wí. Tí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ bá kù nínú síríńjì, `CO2` á di 43.3, ẹ lè má fura. Háídírójìn á di 3.4. Tí gáàsì yín bá fúyẹ́, ẹ fọ síríńjì lẹ́ẹ̀marùn-ún, kì í ṣe mẹ́ta.

Bàlúùnù. Àwọn kan máa ń fẹ́ bàlúùnù méjì, wọ́n á wá wo èyí tó kọ́kọ́ rọ̀. Kì í ṣe ihò ni gáàsì ń gbà jáde lára bàlúùnù. Ó ń yòrò sínú ròbà ni, ó sì ń gba inú rẹ̀ kọjá. `CO2` máa ń yòrò sínú ròbà dáadáa, ìdí nìyẹn tí bàlúùnù tó kún fún un fi máa ń rọ̀ kíákíá. Òfin Graham kò lọ́wọ́ sí i.

Ọ̀pọ́n amóníà. Ẹ ti lè rí i tí wọ́n ń ki òwú amóníà bọ ẹnu kan ọ̀pọ́n gíláàsì, tí wọ́n ki ti háídírókúlórííkì ásíìdì bọ ẹnu kejì, kí èéfín funfun wá hàn láàárín. Ó dára láti wò, ó sì ń fi hàn pé èyí tó fúyẹ́ ló yára. Àmọ́ gáàsì méjèèjì ń la inú afẹ́fẹ́ kọjá níbẹ̀ ni, wọ́n ń kọlu mólékù rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ má fi ibi tí èéfín náà wà ṣírò ìwúwo móólù.

## Tí kò bá sí síríńjì onígíláàsì

Ẹ lè lo ọ̀pọ́n gíláàsì gígùn tí ẹnu rẹ̀ méjèèjì ṣí. Ẹ lẹ fọ́ìlì oníhò mọ́ ẹnu òkè, ẹ fi ìka tàbí kọ́ọ̀kì dí i, ẹ rì í sínú omi pẹ̀lú gáàsì nínú rẹ̀, kí ẹ fi yíǹkì sàmì sí ibi méjì lára rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ṣí òkè, omi á ti gáàsì jáde, ẹ ó sì ka àkókò láti àmì ìsàlẹ̀ dé tòkè. Ìfúnpá omi á máa dín kù bó ṣe ń gòkè, ṣùgbọ́n bákan náà ló rí fún gáàsì méjèèjì, nítorí náà kò ba ìdá náà jẹ́. Ó kàn jẹ́ pé gbogbo gáàsì yín ti rin omi. Ẹ má lò ó fún háídírójìn, ẹ má lò ó fún amóníà tó ń yòrò sínú omi lójú ẹsẹ̀, ẹ sì tètè ṣe é tó bá jẹ́ `CO2`, torí òun náà ń yòrò díẹ̀díẹ̀.

## Ìwúwo kì í ṣe orúkọ

Ká ní 44 ni sílíńdà mi fún mi ńkọ́? `CO2` jẹ́ 44.01. `N2O` náà jẹ́ 44.01. Pùrópéènì jẹ́ 44.10. Kò sí ihò tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni náítírójìn àti kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì rí, 28.01 ni àwọn méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan ni a ń mí símú lójoojúmọ́, èkejì ń pani. Nígbà tí nọ́ńbà yín bá bọ́ sí irú ibẹ̀, ọ̀nà míì lẹ máa gbà. Fún 44, mo máa ń jẹ́ kí ìwọ̀nba rẹ̀ hó gba inú omi láìmù tó mọ́ gaara. Tó bá funfun bí omi ẹ̀kọ, `CO2` ni. Tó bá mọ́ síbẹ̀, mo gbé ọwọ́ mi jìnnà sí ìṣáná títí n ó fi mọ ohun tó jẹ́.